Fákítọ̀, onígun mẹ́rin àti fọ́múlà: èwo ló yẹ ìdọ́gba wo?

Bí a bá kọ 6x² + 7x − 20 = 0 sójú pátákó, tí a sì ní kí àwọn tó mọ ìṣirò wá x jáde, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn yóò mú wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n máa gbà débẹ̀ kò ní jọra. Ọ̀kan á fọ́ ọ sí fákítọ̀, òmíràn á mú onígun mẹ́rin pé, ẹnì kẹta á sì fa fọ́múlà yọ bí ẹni fa kọ́kọ́rọ́ yọ lápò. Ìdọ́gba tí x ti di x lọ́nà x nínú rẹ̀, tí kò sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, là ń pè ní kuadirátíìkì. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama máa ń kó ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí a gbé abẹ mẹ́ta síwájú onígbàjámọ̀ tí a kò sọ èyí tó wà fún irun orí àti èyí tó wà fún irùngbọ̀n. Ibi tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan ní kí a gbìyànjú fákítọ̀ ná, bí kò bá ṣeé ṣe kí a tó wá nǹkan mìíràn. Àwọn kan ní fọ́múlà kì í já ni kulẹ̀, kí ló dé tí a ó tún máa wá ọ̀nà kiri? Àwọn kẹta ní ẹni tó bá mọ bí onígun mẹ́rin ṣe ń pé ti mọ gbogbo rẹ̀. Èrò tèmi, tí màá gbé ka ìṣirò lójú ẹni tó ń kà á, ni pé àwọn ọ̀nà yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá: ọ̀kan ni ìyá, ọ̀kan ni ọmọ tó bí, ẹ̀kẹta sì jẹ́ àlejò tó máa ń wá nígbà tó bá wù ú.

Fákítọ̀: ọ̀nà tó dúró lórí òdo

Ìpìlẹ̀ fákítọ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: bí a bá fi nọ́mbà kan lọ́po òmíràn tí ó sì já sí òdo, ọ̀kan nínú méjèèjì ní láti jẹ́ òdo. Ìdí nìyí tí a fi máa ń kó ohun gbogbo sí apá kan ìdọ́gba, kí òdo nìkan lè ṣẹ́kù sí apá kejì. Ìwé Thomas Harriot, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1631 lẹ́yìn ikú rẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn gbangba pé a lè kọ́ ìdọ́gba jọ láti inú fákítọ̀ rẹ̀. Fún ìdọ́gba tiwa, a fi nọ́mbà iwájú, 6, lọ́po èyí tó gbẹ̀yìn, −20, ó di −120. Lẹ́yìn náà a wá nọ́mbà méjì tó jẹ́ pé bí a bá fi ọ̀kan lọ́po èkejì, −120 ni, bí a bá sì ro wọ́n pọ̀, 7 ni. Àwọn ni 15 àti −8. A fi wọ́n pín 7x sí méjì, kí ìdọ́gba náà di 6x² + 15x − 8x − 20 = 0. A yọ 3x síta nínú méjì àkọ́kọ́, a yọ −4 síta nínú méjì tó kù, ó sì di 3x(2x + 5) − 4(2x + 5), èyí tí í ṣe (3x − 4)(2x + 5) = 0. Nítorí náà, x jẹ́ 4/3 tàbí −5/2.

Ìlà díẹ̀ ni, kò sì sí gbòǹgbò kankan nínú rẹ̀. Ohun tó tún dára níbẹ̀ ni pé fákítọ̀ ń sọ ju ìdáhùn lọ. Bí ìbéèrè bá ní kí a sọ ibi tí 6x² + 7x − 20 ti kéré sí òdo, ẹni tó ní àkámọ́ méjèèjì lọ́wọ́ á rí i lójú ẹsẹ̀ pé láàárín −5/2 àti 4/3 ni, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni àmì àkámọ́ méjèèjì ti yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí kò mọ̀ pé òdo ni agbára ọ̀nà yìí máa ń ṣì í lò. Wọ́n á rí (x − 3)(x + 2) = 6, wọ́n á sì kọ x − 3 = 6 tàbí x + 2 = 6, kí wọ́n lè ní 9 àti 4. Ohun tó burú jù nínú àṣìṣe yìí ni pé ìdajì rẹ̀ jóòótọ́: bí a bá fi 4 sí i, 1 lọ́nà 6 jẹ́ 6 lóòótọ́, ọmọ náà á sì rò pé òun gba gbogbo rẹ̀. Bí a bá wá fi 9 sí i, 6 lọ́nà 11 ni, ìyẹn 66. Ìdọ́gba tòótọ́ tó wà níbẹ̀ ni x² − x − 12 = 0, ìdáhùn rẹ̀ sì ni 4 àti −3. Àṣìṣe ìbátan rẹ̀ ni ti ẹni tó rí 2x² = 5x tó sì fi x pín apá méjèèjì. Ó ti sọ ìdáhùn kan nù, ìyẹn òdo, láìfura.

Àléébù fákítọ̀ gan-an kì í ṣe àṣìṣe, nítorí a lè kọ́ ọmọ kí ó má ṣe é. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í sábà sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo ìdọ́gba x² + bx + c = 0 jọ níbi tí b àti c ti jẹ́ odidi nọ́mbà láti 1 dé 10. Wọ́n jẹ́ 100. Bí a bá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, 38 nínú wọn kò ní ìdáhùn kankan láàárín àwọn nọ́mbà tí a fi ń wọn nǹkan. Nínú 62 tó kù, 14 péré ló ṣeé fọ́ sí fákítọ̀ tó ní odidi nọ́mbà. Àwọn 48 yòókù ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n mú gbòǹgbò tí kò tán dání. Bí a bá jẹ́ kí b àti c máa tóbi sí i, ìpín àwọn tó ṣeé fọ́ á máa kéré sí i ni. Ẹni tó bá ti ṣe ogún ìdọ́gba nínú ìwé tí gbogbo rẹ̀ sì fọ́, kò rí bí kuadirátíìkì ṣe rí. Ọwọ́ ẹni tó ṣètò ìbéèrè ló rí. Ibi tó ti wá le ni pé fákítọ̀ kì í jẹ́wọ́ pé òun kò sí. Ẹ yí 20 padà sí 21 nínú ìdọ́gba wa, kí ó di 6x² + 7x − 21 = 0. Ọmọ náà á wá nọ́mbà méjì tó ń fún ni ní −126: 1 àti 126, 2 àti 63, 3 àti 42, 6 àti 21, 7 àti 18, 9 àti 14. Kò sí èyí tó yàtọ̀ síra pẹ̀lú 7. Ẹni tó wá wọn tán pátá mọ̀ pé kò sí. Ẹni tó dúró lágbedeméjì kò mọ̀ bóyá òun ló kùnà tàbí ìdọ́gba náà ni.

Onígun mẹ́rin tí igun kan ṣẹ́kù

Ọ̀nà kejì ló dàgbà jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wà lára wàláà amọ̀ kan tí àwọn ará Bábílónì kọ ní ohun tó ju 3,500 ọdún lọ sẹ́yìn, tí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ń tọ́jú pẹ̀lú nọ́mbà BM 13901. Ìbéèrè àkọ́kọ́ níbẹ̀ ro fífẹ̀ inú onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba kan pọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ 3/4. Akọ̀wé náà mú 1, ó dá a sí méjì, ó fi ìdajì náà lọ́po ara rẹ̀ kí ó lè rí 1/4, ó ro ó pọ̀ mọ́ 3/4, ó di 1, ó wá gbòǹgbò rẹ̀, ó yọ ìdajì kúrò, ẹ̀gbẹ́ náà sì jẹ́ 1/2. Ìgbésẹ̀ wọ̀nyí gan-an ni a ṣì ń kọ́ ọmọ títí di òní.

Al-Khwarizmi, tó ṣiṣẹ́ ní Bàgídáádì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹsàn-án, ló ya àwòrán rẹ̀ lọ́nà tó mú kí orúkọ ọ̀nà náà yé ni. Ìdọ́gba rẹ̀ ni x² + 10x = 39. Ẹ fojú inú wo ilẹ̀ onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ x. Ẹ pín 10x sí méjì, kí ẹ gbé 5x sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì gbé 5x kejì sí ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di onígun mẹ́rin ńlá tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ x + 5, ṣùgbọ́n igun kan ṣẹ́kù tí a kò tíì dí, 5 lọ́nà 5, ìyẹn 25. Bí a bá fi 25 dí i, onígun mẹ́rin náà pé: 39 àti 25 jẹ́ 64, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 8, x sì jẹ́ 3. Àwòrán náà dùn, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ kì í jẹ́ nọ́mbà òdì, nítorí náà −13, tó jẹ́ ìdáhùn kejì, kò wọ inú àwòrán, Al-Khwarizmi kò sì kà á sí. Èyí náà ló fà á tó fi pín ìdọ́gba sí oríṣi mẹ́fà, nítorí kò gba nọ́mbà òdì láyè níwájú x tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Brahmagupta ní Íńdíà ti fún nọ́mbà òdì lófin nínú ìwé rẹ̀ ti 628, ó sì kọ òfin fún kuadirátíìkì síbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá ń fi àwòrán kọ́ ọmọ lónìí, a ní láti sọ fún un níbi tí àwòrán dé àti ibi tí ìṣirò ti lọ síwájú láìsí i.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ní ọ̀nà mìíràn láti rí ohun kan náà, nítorí inú èdè wa ni àmì ± wà. Ẹẹ́rìndínlógún jẹ́ ogún tó dín mẹ́rin. Ẹẹ́rìnlélógún jẹ́ ogún tó lé mẹ́rin. Bí a bá ro 16 àti 24 pọ̀, 40 ni. Bí a bá fi ọ̀kan lọ́po èkejì, 384 ni. Ìdọ́gba tó ní wọn ní ìdáhùn ni x² − 40x + 384 = 0. Ìdajì 40 ni 20, 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400, nítorí náà (x − 20)² = 400 − 384 = 16, x sì jẹ́ ogún ó lé mẹ́rin tàbí ogún ó dín mẹ́rin. Èmi kò sọ pé àwọn baba wa ń fi kuadirátíìkì ṣeré lábẹ́ igi o. Ohun tí mo ń sọ ni pé gbogbo kuadirátíìkì tó ní ìdáhùn méjì ló ń ṣe báyìí: ìdáhùn méjèèjì jìnnà dọ́gba sí àárín kan, ọ̀kan lé, ọ̀kan dín, ohun tí mímú onígun mẹ́rin pé sì ń ṣe ni pé kí ó wá àárín náà àti iye tí wọ́n fi lé tàbí dín.

Àtakò tí wọ́n ń ṣe sí ọ̀nà yìí ni pé ìdá máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, àtakò náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá fi 6 pín ìdọ́gba tiwa, ó di x² + (7/6)x = 10/3. Ìdajì 7/6 ni 7/12, tí a bá fi lọ́po ara rẹ̀, ó di 49/144; 10/3 ní láti di 480/144 kí a tó lè rò wọ́n pọ̀, a sì ní (x + 7/12)² = 529/144. Ibi tí ọmọ ti máa ń ṣubú kì í ṣe ìmọ̀ onígun mẹ́rin, ìdá ni. Ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ kan wà tí Bhaskara, onímọ̀ Íńdíà ní ọ̀rúndún kejìlá, sọ pé Sridhara ló ni ín, ó sì mú ìyà yìí kúrò: dípò kí a pín, kí a fi ìlọ́po mẹ́rin nọ́mbà iwájú lọ́po gbogbo rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́rin 6 ni 24, ìdọ́gba wa sì di 144x² + 168x = 480. A fi 49 kún apá méjèèjì, ó di (12x + 7)² = 529. Gbòǹgbò 529 ni 23, 12x + 7 jẹ́ 23 tàbí −23, kò sì sí ìdá kankan títí di ìlà tó kẹ́yìn. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ìwé ṣì ń mú ọmọ gba inú ìdá kọjá nígbà tí ọ̀nà tó tẹ́jú wà. Ní ti èrè, ọ̀nà yìí nìkan ló ń sọ ibi tí ìlà gíráàfù ti yípo: 6x² + 7x − 20 kò lè kéré ju −529/24 lọ, nígbà tí x bá jẹ́ −7/12.

Fọ́múlà: iṣẹ́ tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan tí a tọ́jú

Ẹ ṣe ohun tí Sridhara ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹ lo a, b àti c dípò nọ́mbà. Fi 4a lọ́po ax² + bx + c = 0, fi b² kún apá méjèèjì, ó di (2ax + b)² = b² − 4ac. Mú gbòǹgbò, yọ b, fi 2a pín:

x = (−b ± √(b² − 4ac)) / (2a)

Fọ́múlà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Onígun mẹ́rin tí a ti mú pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ìdọ́gba ni, tí a wá kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà àríyànjiyàn láàárín àwọn tó fẹ́ onígun mẹ́rin àti àwọn tó fẹ́ fọ́múlà dà bí ìgbà tí ìyá àti ọmọ ń du oyè kan náà. Fún ìdọ́gba wa, b² − 4ac jẹ́ 49 + 480, ìyẹn 529. X jẹ́ (−7 + 23)/12 tàbí (−7 − 23)/12, 4/3 àti −5/2 kan náà. Fún ti 21 tí fákítọ̀ kò rí ṣe, nọ́mbà abẹ́ gbòǹgbò jẹ́ 553, ìdáhùn sì súnmọ́ 1.376 àti −2.543. Kò sí ìfojúdá níbẹ̀.

Àṣìṣe inú fọ́múlà kò pọ̀, wọ́n sì ṣeé dá mọ̀. Nígbà tí b fúnra rẹ̀ bá jẹ́ òdì, −b á di nọ́mbà tí kì í ṣe òdì, ọ̀pọ̀ sì máa ń gbàgbé. Àwọn mìíràn máa ń fi 2a pín gbòǹgbò nìkan, kí −b wà níta. Ọ̀nà tó yá jù láti mú wọn ni pé kí a ro ìdáhùn méjèèjì pọ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ −b/a, kí a sì fi ọ̀kan lọ́po èkejì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ c/a. 4/3 àti −5/2 jẹ́ −7/6 bí a bá rò wọ́n pọ̀, ìṣirò náà sì dúró.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé fọ́múlà kì í já ni kulẹ̀ kò tọ́ pátápátá. Ẹ gbé x² − 1000x + 1 = 0 yẹ̀ wò. Nọ́mbà abẹ́ gbòǹgbò ni 999,996. Ẹni tó ń lo tábìlì fọ́ọ̀-fígọ̀ tí nọ́mbà rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ á rí 1000 gẹ́gẹ́ bí gbòǹgbò rẹ̀. Ìdáhùn ńlá á jẹ́ 1000, kò burú. Ìdáhùn kékeré á jẹ́ (1000 − 1000)/2, òdo, èyí tó jẹ́ irọ́ gbangba, nítorí bí a bá fi òdo sí ìdọ́gba náà, 1 ló kù, kì í ṣe òdo. Fọ́múlà kò ṣẹ̀. Yíyọ nọ́mbà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba kúrò lára ara wọn ló gbé òótọ́ mì. Ẹ̀rọ ìṣirò náà ń ṣe é, kìkì pé nọ́mbà gbọ́dọ̀ tóbi jù báyìí lọ kí ó tó hàn. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a fi fọ́múlà wá ìdáhùn tí kò ní àyọkúrò nínú, èyí ńlá, lẹ́yìn náà kí a fi í pín c/a. 1 tí a fi 1000 pín jẹ́ 0.001, òótọ́ sì súnmọ́ ọn gan-an: 0.001000001.

Yíyàn láàárín wọn

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fákítọ̀, bí kò bá fọ́ kí a lọ sí fọ́múlà. Èmi fẹ́ yí i padà: kí a kọ́kọ́ ṣírò b² − 4ac. Bí ó bá jẹ́ òdì, kò sí ìdáhùn láàárín àwọn nọ́mbà tí a fi ń wọn nǹkan, wàhálà sì tán. Bí ó bá ní gbòǹgbò tó jẹ́ odidi, bí 529, fákítọ̀ wà níbẹ̀, a lè fọkàn balẹ̀ wá a. Bí kò bá ní, kí a má ṣe wá ohun tí kò sí. Kódà, bí nọ́mbà náà bá parí sí 2, 3, 7 tàbí 8, kò lè ní gbòǹgbò odidi láéláé. 553 parí sí 3, a sì ti mọ̀ kí a tó kọ nọ́mbà méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀ pé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí a wá lẹ́ẹ̀kan yẹn ò ní ṣiṣẹ́.

Àtakò kan wà tí n kò lè yẹ̀ sílẹ̀: bí a bá ti ṣírò b² − 4ac, a ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́múlà, kí ló kù tí a fi ń padà sí fákítọ̀? Òótọ́ ni. Bí ìdáhùn nìkan la fẹ́, kí a máa bá fọ́múlà lọ. Kódà fọ́múlà lè fọ́ ìdọ́gba fún wa: 4/3 ń sọ pé 3x − 4 wà níbẹ̀, −5/2 ń sọ pé 2x + 5 wà níbẹ̀. Fákítọ̀ a máa wúlò níbi tí ó ti hàn lójú ẹsẹ̀, bí x² + 5x + 6, àti níbi tí àkámọ́ fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ohun tí a ń wá. Ti onígun mẹ́rin yẹ nígbà tí x² bá dá dúró tí b sì jẹ́ nọ́mbà tó pín sí méjì, bíi 10 Al-Khwarizmi, tàbí nígbà tí ìbéèrè bá kan ibi tó kéré jù tàbí tó ga jù. Àwọn ìdọ́gba kan kò sì nílò ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: x² = 7 fẹ́ gbòǹgbò lásán, 2x² = 5x fẹ́ kí a yọ x síta, (x − 3)² = 10 sì ti pé tẹ́lẹ̀, ìyà ni ẹni tó bá tú u palẹ̀ ń fi jẹ ara rẹ̀.

Ohun tí a kò tíì fẹnu kò sí

Ní 2019, Po-Shen Loh, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, tún gbé ọ̀nà àárín jáde: kí a gbà pé ìdáhùn méjèèjì jẹ́ àárín tó dín u àti àárín tó lé u, kí a wá u láti inú ohun tí wọ́n jẹ́ nígbà tí a bá fi ọ̀kan lọ́po èkejì. Ohun tí a fi 16 àti 24 ṣe lókè ni. Loh fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ti pẹ́, John Savage sì ti kọ ohun tó jọ ọ́ ní 1989. Àwọn tó fẹ́ ẹ ń sọ pé ó mú ìfojúdá kúrò nínú fákítọ̀. Àwọn tó ń ṣiyèméjì ń sọ pé onígun mẹ́rin ni tí a wọ aṣọ mìíràn fún, àti pé nígbà tí nọ́mbà iwájú bá jẹ́ 6, ìdá 7/12 àti 529/144 ṣì ń dúró dè ọmọ náà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló rí òótọ́ kan.

Ètò ìkọ́ni náà wà lórí tábìlì. Bí onígun mẹ́rin bá jẹ́ ìyá, ó dà bí ẹni pé òun ló yẹ kí ó ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì mọ bí a ṣe ń tú (x + 5)² sílẹ̀ kò lè mú un padà pé, inú iṣẹ́ fákítọ̀ ni a sì ti sábà ń kọ́ ìtúsílẹ̀ yìí. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìdánwò: ṣé kí a tẹ fọ́múlà sórí ìwé ìbéèrè, tàbí kí ọmọ há a sórí? Ẹni tó ní kí a tẹ̀ ẹ́ ń wo àkókò tí ìhásórí ń gbà. Ẹni tó kọ̀ ń wo ọmọ tí yóò máa fi nọ́mbà sínú fọ́múlà láìmọ ibi tí 4ac ti wá. Ohun kẹta tó ṣeé ṣe ni pé kí ìdánwò béèrè pé kí ọmọ yọ fọ́múlà náà jáde láti inú ax² + bx + c = 0, ìlà mẹ́rin péré bí a bá gba ọ̀nà Sridhara, ṣùgbọ́n ìyẹn á tún dá ìbéèrè mìíràn sílẹ̀, ìyẹn bóyá ẹni tó há ìlà mẹ́rin náà sórí yàtọ̀ sí ẹni tó há ìlà kan.